Ìdánwò t, ANOVA tàbí káì-sikúwéà: èwo ló bá dátà mi mu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún ìkẹyìn ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo gbin àgbàdo sínú ike: àwọn kan kò rí ajílẹ̀ rárá, àwọn kan rí ìgbẹ́ adìyẹ, àwọn yòókù rí NPK. Mo wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe ìdánwò t lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Súpáfáísọ̀ mi ní kí n pín wọn sí "ó ṣe dáadáa" àti "kò ṣe dáadáa", kí n wá lo káì-sikúwéà. Ẹlòmíì ní ANOVA ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: ANOVA ni. Ohun méjì ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè rí méjèèjì láì tíì tan kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ fún àgbàdo kọ̀ọ̀kan jẹ́ gírámù, nọ́ńbà tí a lè rò pọ̀ kí a sì pín, kí ìpíndọ́gba rẹ̀ sì nítumọ̀. Ọ̀wọ́ tí ẹ fẹ́ fi wéra sì ju méjì lọ. Ká ní ọ̀wọ́ méjì péré ni, ìdánwò t ti tó. Ká ní "ó hù" tàbí "kò hù" lẹ kọ dípò gírámù, káì-sikúwéà ni ì bá jẹ́, torí iye tí a kà sínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ wò.

N kò rí dátà tiyín, àmọ́ dátà kan wà nínú ètò ìṣirò R tó jọ ọ́ gan-an, PlantGrowth lorúkọ rẹ̀. Ewéko 30 ni, 10 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: `ctrl` tí wọn kò fún ní nǹkan kan, `trt1` àti `trt2` tí wọ́n tọ́jú lọ́nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ̀n wọn lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 5.03, 4.66 àti 5.53. Ẹ tẹ èyí:

```
m <- aov(weight ~ group, data = PlantGrowth)
summary(m)
TukeyHSD(m)
```

Iye p tí ANOVA máa gbé jáde jẹ́ 0.016, ó kéré sí 0.05 tí a sábà máa ń fi ṣe ààlà, ìyẹn ni pé ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà. Kò sọ èyí tó yàtọ̀ fún wa, ìlà kẹta ló ń sọ ìyẹn. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé `trt1` àti `trt2` nìkan ló yàtọ̀ síra (p jẹ́ 0.012). Láàárín `trt2` àti `ctrl`, p jẹ́ 0.198, kò sí ẹ̀rí kankan níbẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín ì bá gbé yín dé. Ìdánwò t lásán láàárín `ctrl` àti `trt2` máa fún yín ní 0.048. Ẹ ó kọ ọ́ sínú pírójẹ́ẹ̀tì pé `trt2` ṣiṣẹ́ ju àìlo nǹkan kan lọ, bẹ́ẹ̀ dátà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ló ní àǹfààní 5 nínú 100 láti rí ìyàtọ̀ níbi tí kò sí. Tí a bá ṣe mẹ́ta, àǹfààní pé ó kéré tán ọ̀kan máa tàn wá lè tó 14 nínú 100. Iṣẹ́ Tukey ni láti ká èyí lọ́wọ́ kò.

Ti súpáfáísọ̀ le díẹ̀, torí ó dà bíi pé ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ó ti gé e? Ká ní ẹ sọ pé ewéko tó bá tó gírámù 5 ló ṣe dáadáa. Nínú `ctrl`, 6 ló yege. Nínú `trt1`, 2. Nínú `trt2`, 9. Káì-sikúwéà yóò fún yín ní p tó jẹ́ 0.007, inú yín á dùn. Ẹ gbé ààlà náà lọ sí gírámù 5.5: ó di 2, 2 àti 5, p sì fò lọ sí 0.24. Ewéko kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọwọ́ ẹni tó gé e ló yí ìdáhùn padà. Bí ààlà kan bá wà tí iṣẹ́ yín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi táábìlì méjèèjì han súpáfáísọ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo rò pé á yé wọn ju àríyànjiyàn lọ.

Ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò: ṣé àgbàdo kan ló wà nínú ike kan? Bí mẹ́ta bá jọ wà nínú ike kan, ilẹ̀ kan náà àti omi kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ike ni kí ẹ kà, kì í ṣe igi. Ẹ lo ìpíndọ́gba ike kọ̀ọ̀kan. Bí ìwọ̀n inú ọ̀wọ́ kan bá sì fọ́n ká ju ti àwọn yòókù lọ gan-an, ẹ fi `oneway.test` rọ́pò `aov`.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo wọn ìfúnpá àwọn aláìsàn kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀n méjì, mo lo ìdánwò t, ó ní kò sí ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni ìfúnpá wọn wálẹ̀!

Ìdáhùn: Ìdánwò t ni lóòótọ́, àmọ́ irú tẹ́ ẹ lò ń rò pé àwọn tẹ́ ẹ wọ̀n ṣáájú àti àwọn tẹ́ ẹ wọ̀n lẹ́yìn kò mọra rí. Ènìyàn kan náà ni wọ́n. Ìdánwò t oníméjì-méjì lẹ fẹ́, èyí tó ń yọ ìwọ̀n kan kúrò nínú èkejì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Dátà `sleep` nínú R fi èyí hàn kedere. Ènìyàn 10 lo oògùn oorun méjì, wọ́n sì kọ wákàtí oorun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi kún tiwọn. William Gosset, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí Guinness ní Dublin, lo dátà yìí nínú àpilẹ̀kọ tó gbé ìdánwò t jáde ní 1908. Tí ẹ bá ka oògùn méjèèjì sí ti èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, p jẹ́ 0.079. Tí ẹ bá so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì:

```
with(sleep, t.test(extra[group == 1],
     extra[group == 2], paired = TRUE))
```

p di 0.003. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn sí ènìyàn ló ti ń bo ti oògùn mọ́lẹ̀. Nínú SPSS, ẹ wá `Paired-Samples T Test`. Bí ẹ bá wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kì í tún ṣe ìdánwò t mọ́, ANOVA tó mọ̀ pé ènìyàn kan náà là ń wọ̀n léraléra ni.

Ìbéèrè: Mo bèèrè ohun tí wọ́n fi ń dáná lọ́wọ́ àwọn ará ìlú méjì. Mo kọ ọ́ sí SPSS: 1 fún gáàsì, 2 fún kẹrosíìnì, 3 fún igi. Nọ́ńbà ni, ṣé kí n lo ìdánwò t?

Ìdáhùn: Rárá o. Nọ́ńbà yẹn kàn dúró fún orúkọ ni. Bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ 2.1, kí ni wọ́n ń fi dáná? Ẹ jẹ́ kí 1 àti 3 pààrọ̀ ipò, ìpíndọ́gba máa yí, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò yí nínú ilé ẹnikẹ́ni. Káì-sikúwéà ni.

Iye ènìyàn ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún. Ká ní ènìyàn 20 lẹ bá sọ̀rọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tí 12 ń lo gáàsì níhìn-ín, tí 8 ń lò ó lọ́hùn-ún. Ẹ ka àwọn yòókù pọ̀ sí ìsọ̀rí kan: ìlà `Pearson Chi-Square` máa jẹ́ 1.6, kò sí ẹ̀rí ìyàtọ̀. Bí ẹ bá kọ 60 àti 40 dípò rẹ̀, ó di 8, p sì bọ́ sábẹ́ 0.01, nítorí ẹ ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé 100 lẹ bá sọ̀rọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì ní gáàsì àti igi lòun ń lò, ojú kan ṣoṣo lẹ gbọ́dọ̀ fi sí, bóyá èyí tó ń lò jù. Bí SPSS bá kọ ọ́ sísàlẹ̀ táábìlì pé `expected count less than 5` wà ní ojú tó ju ìdá 20 nínú 100 lọ, ẹ da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ igi bó bá bá ìbéèrè yín mu, tàbí kí ẹ lo ìdánwò Fisher.