Bí mo ṣe fi fọ́tò mú páálí oògùn koríko ayédèrú

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí o. Páálí gílífósétì kan, ike líità kan méjìlá, àbúrò mi ló rà á fún oko àgbàdo wa n'Ísẹ́yìn. A fín in, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, koríko ò pọ́n rárá, àfi bíi pé omi la bù sí i. Ẹ sì mọ̀ pé gílífósétì kì í yára, ó tó bí ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá kí ewé tó pọ́n, kéèyàn tó mọ̀ pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì, àkókò ti lọ. Owó tí a wá san fáwọn lébìrà tó fi ọkọ́ ro ó ju owó páálí yẹn lọ, ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó tà á ní òun ò gbà, pé òjò ló fọ̀ ọ́, kí n mú ẹ̀rí wá.

Ìbàdàn ni mo ń gbé, àwọn ike tó ṣẹ́kù wà lóko, fọ́tò nìkan ni mo lè fi ṣẹjọ́. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára ẹ̀, A5 ló fi bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan, torí òun ni ayédèrú máa kọ́kọ́ dà kọ. Mo wá nọ́ńbà fóònù ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà fúnra mi, mi ò pe èyí tó wà lára ike, torí ẹni tó tẹ lébẹ́lì èké lè tẹ nọ́ńbà ara ẹ̀ síbẹ̀.

Ibi tí mo ti jìyà nìyí: nọ́ńbà bááṣì, ìyẹn nọ́ńbà àwọn oògùn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, èsì kan náà ni, “Ọ̀gá, a ò rí i kà.” Àbúrò mi tún yà á, ó tún ṣe bàìbàì, mo fẹ́ẹ̀ bú u lórí fóònù. Ìgbà tó yá la rí i pé Wọ́sáàpù ló ń fún fọ́tò pọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kò ní fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí fíláàṣì kojú sí i tààrà, dídán lébẹ́lì máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e síbi tó ní ibòòji, kí ẹnìkan tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́.

Tọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ yẹn ló tú àṣírí. Ilé iṣẹ́ máa ń tẹ lébẹ́lì sílẹ̀ rẹpẹtẹ ṣáájú, àmọ́ bááṣì àti déètì, ọjọ́ tí wọ́n bá rọ oògùn sínú ike ni ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ ẹ́ lé e, nítorí náà ó sábà máa ń jẹ́ àmì tótòtó kéékèèké tó jókòó sórí dídán lébẹ́lì, ó sì máa ń yẹ̀ díẹ̀ láti ike dé ike. Tiwa, abẹ́ dídán ló wà, yíǹkì kan náà pẹ̀lú orúkọ oògùn, ojú kan náà gẹ́lẹ́ lára gbogbo ike. Bááṣì ara páálí sì yàtọ̀ sí ti ara ike! Igun kan lára lébẹ́lì ní ọdún 2 ni oògùn máa lò, déètì wọn fún un ní ọdún 3. Sílì náà, ṣe ló yẹ kó yọ́ mọ́ ẹnu ike yípo, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ tiwa, etí ẹ̀ kan ti ṣí.

Ilé iṣẹ́ dáhùn pé bááṣì yẹn tiwọn ni, àmọ́ oògùn kòkòrò ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe ti koríko. Mo fi èsì yẹn ránṣẹ́ sí ontajà, ó dá owó páálí padà, owó lébìrà ò padà.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń gbẹ́ déètì sára ike o, ẹ fi wé ike wọn tó ti ṣiṣẹ́ fún yín rí. Tí wọ́n bá sì rọ ayédèrú sínú ike ojúlówó, fọ́tò lébẹ́lì ò lè sọ ọ́, ẹ wo sílì àti òrùka ìdérí, bóyá ó ti já.

Irúgbìn àgbàdo ni mò ń ṣọ́ báyìí. Nọ́ńbà lọ́ọ̀tì lè jọra lára ọ̀pọ̀ àpò, kò burú, àmọ́ nọ́ńbà tí wọ́n ń họ kó tó hàn lára táàgì NASC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irúgbìn, ò gbọdọ̀ jọra láéláé. Mo ní kí àbúrò mi ya táàgì àpò méjì pọ̀ nínú fọ́tò kan, kó tó sanwó, kó má tíì họ ìkankan. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti họ ọ́ tẹ́lẹ̀, kó kúrò níbẹ̀.