Káàdì ò jẹun o: àṣìṣe tí ń ba oúnjẹ ìnáwó jẹ́

Mo ti ń sè fún ìnáwó n'Ìbàdàn yìí tipẹ́, ohun tó sì ń dùn mí jù ni kí n rí i tí wọ́n ń da ìrẹsì sí ààtàn lálẹ́ Sátidé, owó ẹni tó yáwó ṣe ọjọ́ ìbí ìyá ẹ̀ ni o. Ẹ̀yin alásè tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n sè dáadáa, àwọn tó máa wá gan-an lẹ ò mọ̀ ọ́n kà.

1. Kíka káàdì. Onínàáwó á ní 300 lòun pè, ẹ̀yin náà á kọ 300 sílẹ̀. Ẹ bi í pé èèyàn mélòó ló ti sanwó aṣọ ẹbí, torí ẹni tó ti ra aṣọ tó ti rán an ń bọ̀ nìyẹn, kì í sì í sábà dá wá. Ọjọ́ ìbí kan tí mo sè ní Mọ́kọ́lá, káàdì 300, àwọn 120 ló gba aṣọ. Mo ka àwọn 120 yẹn sí 200 pẹ̀lú ọkọ, ìyàwó àti ọmọ wọn. Nínú 180 tó kù, mo mú ìdajì, 90. Eléré, afọ́tò, agbáwo àti àwọn dírẹ́bà jẹ́ 35, mo fi 25 sílẹ̀ fún mogbọ́moyà. Gbogbo ẹ̀ wá di 350. Àmọ́ ẹni tó jẹ ìrẹsì tún lè ní kí wọ́n bu àmàlà wá, torí náà àwo 420 ni mo ṣírò: ìrẹsì 250, àmàlà 170.

2. Dídi tékàwéè fún ẹbí kí àlejò tó jẹun. Ẹ má dán an wò.

3. Sísè gbogbo ẹ̀ tán ní ìdájí. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú! Lọ́dún kan, mo se ìrẹsì àwo 400 kílẹ̀ tó mọ́, mo kó o sí kúlà, mo dé e pa, nígbà tó di agogo 11 òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó wá ò tó 200. Ìrẹsì tó gbóná tẹ́ ẹ dé mọ́lẹ̀ máa ń làágùn ni, tí ooru ẹ̀ bá wá wálẹ̀ tó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló máa ń kan. Ẹ ṣí ọmọrí, ẹ ó rí omi tó ń kán, ó ń fà, ó sì ń rùn kíkan. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fi ṣe mọ́.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Kóńgò 1 ń fún mi ní àwo 10, torí náà ti Mọ́kọ́lá yẹn gba kóńgò 25. Mo se 18, mo fi 7 sílẹ̀ ní gbígbẹ nínú àpò, kò kan omi rárá, àmọ́ ata ẹ̀ ti dín, iná ò sì kú. Nígbà tó lu agogo 1 mo rán ọmọ iṣẹ́ kan lọ ka tábìlì, kì í ṣe èèyàn, torí èèyàn ń rìn kiri, tábìlì tó ní àga 10 ò lọ ibì kankan. Tábìlì ń kún, mọ́tò ṣì ń wọlé, ni mo bá gbé ìkòkò kejì kaná. Tó bá jẹ́ ìgbà tí kúlà ku ìdajì lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e kaná, ó ti pẹ́, ìrẹsì yẹn á gbà tó wákàtí kan kó tó jinná.

Àmàlà ló sì dáa jù láti fi ṣe ìpamọ́ n'Ìbàdàn níbí. Èlùbọ́ ò ní kan nínú àpò, omi ti ń hó, kẹ́ ẹ tó pajú pẹ́ẹ́ ẹ ti rò ó. Gbẹ̀gìrì àti ewédú ni kẹ́ ẹ ṣọ́, ẹ máa sè wọ́n díẹ̀díẹ̀, torí gbẹ̀gìrì kì í pẹ́ kan. Ẹran ni kẹ́ ẹ kà ní ẹyọ-ẹyọ o, torí ọbẹ̀ ṣeé bù mọ́, ẹran ò ṣeé bù mọ́. Mo máa ń fi díẹ̀ lé iye ẹran tí mo bá dín, tó bá ṣẹ́kù ó di inú fírísà.

Ti ohun mímu ńkọ́, ẹ má rọ́ gbogbo ẹ̀ sínú yìnyín láàárọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó ni kẹ́ ẹ ti bá ẹni tó tà á sọ ọ́ pé ẹ máa dá èyí tí ò ṣí padà, torí ìgò tó ti wà nínú yìnyín, bébà ara ẹ̀ á ti ṣí kúrò, onítọ̀hún ò ní gbà á. Ìdajì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Omi ni kẹ́ ẹ rà jù, 2 fún ẹnì kan, mínírà 1 àti díẹ̀ lé. Ti bíà, ẹ bi onínàáwó irú ẹbí tí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ tó ra kireeti kankan, ilé míì wà tí wọn ò ní fẹnu kàn án.

Ní Mọ́kọ́lá, nǹkan bí 310 ló wá. Kóńgò 3 ni mo fi kún ti àárọ̀, 4 tó kù ò kúrò nínú àpò, ìyá ọlọ́jọ́ọ̀bí ló gbé e sí búùtù mọ́tò lọ sílé.