Nọ́ńbà ara géètì ò sí nínú ìwé

Ilé kan ní Sùúrùlérè ni mo fẹ́ rà, 22 ni wọ́n kọ sára géètì, màmá tó ń tà á sì fún wa ní fọ́tòkọ́pì sí-ọf-ó bàbá wọn, ìyẹn ìwé tí ìjọba fún wọn lórí ilẹ̀ náà. Lọ́yà mi ní ká lọ ṣe sáàṣì, ìyẹn ká yẹ fáìlì ilẹ̀ náà wò, ní rẹ́jísírì ilẹ̀ ní Aláúsá kí n tó san kọ́bọ̀. A kọ lẹ́tà, a sanwó, a kọ nọ́ńbà, ojú ewé àti fọ́lúùmù tó wà lórí ìwé yẹn síbẹ̀ torí òun ni wọ́n fi ń wá fáìlì. Èsì jáde, orúkọ bàbá ló wà níbẹ̀, kò sí gbèsè, kò sí ẹjọ́. Èjẹ́ǹtì ti ń jó o.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí 22. Plọ́ọ̀tì 9, Búlọ́ọ̀kù 14 ni wọ́n kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà pílánì sọ́féè. Lọ́yà ní kò burú, pé nọ́ńbà ara ilé, ẹ̀yìn ìwé ló máa ń dé, wọ́n sì lè yí i padà. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ni ìwé ni sáàṣì sọ fún mi, kò sọ pé ilẹ̀ tí mo dúró lé ni ìwé náà ń bá wí.

Mo bá gbé ẹ̀dà pílánì inú fáìlì fún sọ̀féyọ̀, a jọ lọ síbẹ̀. Bíkọ̀n, ìyẹn òpó kọnkéré kékeré tí wọ́n ń rì sí igun ilẹ̀, ó máa ń ní nọ́ńbà lórí. Ọ̀kan ṣoṣo la rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, a fi ọ̀bẹ ha ìdọ̀tí kúrò, nọ́ńbà orí ẹ̀ ò sí nínú pílánì wa rárá. A ta tépù: pílánì sọ pé mítà 18 sí 36, ìyẹn 648 sukuéà mítà, ilẹ̀ ilé yìí láti iwájú dé ẹ̀yìn ò kọjá 30 mítà. Sọ̀féyọ̀ tún wá fi jí-pí-ẹ́sì wá àwọn kọọ́dínétì orí pílánì, gbogbo ẹ̀ já sínú ọgbà kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé tó múlé tì yín yẹn lẹ fẹ́ sanwó ìwé ẹ̀ o."

Màmá ò purọ́, ìyẹn ni mo gbà. Plọ́ọ̀tì méjì ni bàbá wọn ní, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n wọn lọ́kùnrin ní ìkan, ìwé wá pàrọ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ogún. Wọ́n tú àpótí, wọ́n rí sí-ọf-ó kejì, Plọ́ọ̀tì 10, nọ́ńbà bíkọ̀n ẹ̀bá gọ́tà yẹn sì wà lórí pílánì ẹ̀ ketekete.

A tún lọ ṣe sáàṣì, torí ti àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́ fún ilé yìí mọ́. Ibẹ̀ la ti rí mọ́gẹ́èjì: bàbá fi ilé dúró fún owó báńkì ní 1986, kò sí ìwé ìtúsílẹ̀ kankan nínú fáìlì. Màmá ní wọ́n ti san án tipẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí báńkì kọ ọ́, kí wọ́n sì fi sí rẹ́jísírì, kí n tó san dípósíìtì. Oṣù kẹta rèé, a ṣì ń dúró.