Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá ń máàkì àròkọ tẹ́ ẹ fúnra yín kọ

Àròkọ Yorùbá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí o, kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tó ń wá sí lẹ́sìn wa ní Mókọlá, tí wọ́n ń múra Wáẹ̀kì, wọ́n ń gbìyànjú lóòótọ́, wọ́n á kọ àròkọ ní Sátidé, wọ́n á fúnra wọn máàkì ẹ̀, wọ́n á kọ 38 nínú 50 sókè, tó bá tún di Sátidé míì wọ́n á kọ òmíì, 38 náà ni, àṣìṣe tó wà nínú ti àkọ́kọ́ náà ló tún wà nínú ìkejì, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i. 38 yẹn ò sọ nǹkan kan fún yín. Àṣìṣe tó ń padà wá lẹ̀ ń wá, ìyẹn ló sì fà á tẹ́ ẹ fi ń máàkì ara yín.

Máákìn sìkíìmù tí à ń lò nìyí: kókó ọ̀rọ̀ 10, ètò 10, ìlò èdè 20, àkọtọ́ 10. Bí Wáẹ̀kì ṣe ń pín máàkì àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, àwa kàn yá a lò fún prákítíìsì ni. Lábẹ́ àkọtọ́, àṣìṣe kan, ààbọ̀ máàkì ló ń gbé lọ, tí àṣìṣe bá ti pé 20, òfo lẹ bá dé nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí kò dáa ni kẹ́ ẹ máa máàkì nígbà tí báírò ò tíì gbẹ. Ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn lẹ máa kà, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé, ojú yín á fò kọjá lórí ọ̀rọ̀ tó sọnù bíi pé ó wà níbẹ̀. Ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún bí ọjọ́ méjì. Tẹ́ ẹ bá wá padà sí i, ẹ má fi kíkà ẹ̀ẹ̀kan máàkì gbogbo ẹ̀ pọ̀, torí tí ìtàn bá ti dùn, ẹ ò ní rí àkọtọ́ mọ́. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún kókó àti ètò, kẹ́ ẹ wá padà kà á fún àkọtọ́ nìkan, tiẹ̀yìn yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí gbólóhùn tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ máa gòkè bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtàn ò ní lè gbé yín lọ tẹ́ ẹ bá ń kà á sẹ́yìn.

Ìkejì, ẹ má tún nǹkan kan ṣe bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ. Èyí ni wọ́n máa ń bá mi jiyàn lé jù. Wọ́n á rí àṣìṣe, wọ́n á fi írésà pa á, wọ́n á kọ èyí tó tọ́, nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ìsàlẹ̀ ìwé ti mọ́ tónítóní, ìwé mímọ́ yẹn ni wọ́n á wá fún ní máàkì! Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi fa róbótó yí àṣìṣe náà ká, ẹ kọ nọ́ńbà sí i lórí, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní ti kókó ọ̀rọ̀ àti ètò, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ohun kan péré ni: ẹ má kọ 8 nínú 10 láìjẹ́ pé ẹ kọ nọ́ńbà ìlà tó mú yín fún un ní 8 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ìlà náà tì, kì í ṣe 8. Ìlò èdè 20 yẹn ní tiẹ̀, kò sẹ́ni tó lè máàkì ẹ̀ fún ara ẹ̀ dáadáa, gbogbo wa la máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa bí orin, ẹ fún ẹlòmíì kó bá yín kà á.

Àkọtọ́ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí, ọmọbìnrin kan ní lẹ́sìn ló kọ ọ́, àròkọ oníṣàpèjúwe lórí ọjà Bódìjà:

"Nígbàtí a dé ọjà Bódìjà, èrò ti kún ibẹ̀. Wọ́n ńta ata, wọ́n ńta ẹ̀wà, kòsí àyè téèyàn lè gbà kọjá. Màmá mi sọ wípé kí ń di ọwọ́ òun mú nítorípé olè pọ̀ níbẹ̀. Nígbàtí a rí ìyá alátà, ó sọ wípé ọjà ti wọ́n."

Ó rí gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn tá a jọ jókòó tì í, róbótó 10, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé "àkọtọ́, 10, máàkì 5 lọ", ó ti parí nìyẹn lójú tiẹ̀. Àṣìṣe kẹta tí mò ń sọ nìyẹn, kéèyàn kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Kí ni wàá ṣe sí "àkọtọ́, 10"? Kò sí nǹkan téèyàn lè kọ́ níbẹ̀. Àwọn míì náà á ṣe òdì kejì ẹ̀, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nígbàtí, ńta, kòsí, wípé, nítorípé, kí ń, alátà, oríṣi méje, àyà wọn á wá já pé àṣìṣe àwọn pọ̀ báyìí. Kò pọ̀. Ohun tó fà á ni kẹ́ ẹ fi pín in.

Ẹ wò ó dáadáa. "Ńta" àti "kòsí", nǹkan kan náà ni, ó lẹ ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ń ta ló yẹ kó jẹ́, àti kò sí. Mẹ́ta nìyẹn. "Nígbàtí", "wípé" àti "nítorípé", ó lẹ tí tàbí pé mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ẹ̀, nígbà tí, wí pé, nítorí pé ló yẹ kó jẹ́. Márùn-ún nìyẹn. Nínú 10, ìdílé méjì péré ló bí 8. (Ní ti "sọ wípé" náà, sọ àti wí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, "sọ pé" ti tó, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti yọ máàkì fún un lábẹ́ àkọtọ́, ẹ má tún lọ yọ òmíì lábẹ́ ìlò èdè, àṣìṣe kan ò gbọ́dọ̀ jìyà lẹ́ẹ̀mejì.)

Ó wá ku méjì. "Kí ń di ọwọ́ òun mú", n tó dúró fún "mi" nìyẹn, kì í gba àmì, kí n ló yẹ kó kọ. Nígbà tí mo bi í, ó ní gbogbo n tó bá ti dá dúró lòun máa ń fi àmì sí, ìyẹn ni pé kò mọ̀ ọ́n ni. "Alátà" ní tiẹ̀ yàtọ̀, torí ẹ gòkè lọ sí ìlà tó ṣáájú, ọmọ yìí kan náà kọ "ata" níbẹ̀, kò sì fi àmì kankan sí i, ó mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ló yọ̀. Ibi tẹ́ ẹ ti máa mọ ìyàtọ̀ nìyẹn: ẹ wá a bóyá ẹ ti kọ nǹkan náà dáadáa níbòmíì nínú ìwé yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ dáadáa rí, àtúnkà lẹ nílò. Tó bá jẹ́ pé ibi gbogbo ló ti wọ́, ẹ lọ kọ́ òfin ẹ̀.

Ìkẹrin yìí ló máa ń tan àwọn tó gbọ́n pàápàá. Wọ́n á ka àṣìṣe, wọn ò ní ka àyè tí àṣìṣe náà ní láti ṣẹlẹ̀. Nínú odindi àròkọ ọjà Bódìjà yẹn, ń tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe jáde nígbà 14, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nígbà 12. Ó wá kọ òmíì tẹ̀ lé e, alárìíyànjiyàn, pé iṣẹ́ àgbẹ̀ sàn ju iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ, àṣìṣe ń wá di 3. Inú ẹ̀ dùn, ó ní "Sà, ó ti ń lọ o, 12 ti di 3." Mo ní kó ka iye ìgbà tí ń yẹn jáde nínú ìwé kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì lẹ̀ ẹ́! Kò sàn rárá, kódà ó burú díẹ̀ sí i, àròkọ yẹn ni kò bèèrè ń lọ́wọ́ ẹ̀ púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣàpèjúwe ọjà tàbí ayẹyẹ, ohun tó ń lọ lọ́wọ́ lẹ ń sọ, ń á pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń jiyàn, "nítorí pé" àti "mo gbà pé" ló máa kún ibẹ̀, ìdílé pé ló sì máa yọjú. Nítorí náà nọ́ńbà méjì lẹ máa kọ sílẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, iye tó ṣì, àti iye ìgbà tó láǹfààní láti ṣì, 12 nínú 14, 3 nínú 3, kẹ́ ẹ tó sọ pé ó sàn tàbí kò sàn. Ó sì kéré tán kẹ́ ẹ ní àròkọ mẹ́ta tí kì í ṣe oríṣi kan náà kẹ́ ẹ tó pe nǹkan kan ní àṣìṣe tó ń padà wá.

Ohun kan wà tí gbogbo èyí ò lè ràn yín lọ́wọ́ lé lórí. Àṣìṣe tẹ́ ẹ bá rò pé òun ló tọ́, ẹ lè kà á láti ìsàlẹ̀ sókè títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ò ní fa róbótó yí i ká. Ọmọ yìí ò lè dá rí "nígbàtí", torí inú Bíbélì àtijọ́ tí wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ti ń rí i látìgbà tó ti mọ̀wé kà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, "nigbati", "nitoriti", "wipe". Àkọtọ́ ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni wọ́n fi ń kọ́ yín níléèwé, ó sì ti tú wọn ká. Pátákó ẹ̀gbẹ́ títì náà ń bẹ níbẹ̀, téèyàn bá rìn láti Mókọlá dé Dùgbẹ̀ á rí "aiye" tó máa pọ̀. (Ẹ má sì wo bí èmi náà ṣe ń kọ tẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ, tá a níbí o, bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.)

Torí ìyẹn, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá máàkì, ẹ ṣe fótókọ́pì àròkọ kan, ẹ fún tíṣà Yorùbá ní ọ̀kan kó máàkì ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ máàkì ìkejì láìwo tiẹ̀. Kẹ́ ẹ wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má wo máàkì tó fún yín. Ẹ wo róbótó tó wà nínú tiẹ̀ tí kò sí nínú tiyín, àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sí ẹ̀yìn ìwé, òun náà lẹ máa fi ṣọ́ àròkọ tó kàn.

Tó bá sì di àròkọ tó kàn, ìdílé méjì tó pọ̀ jù nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn kọ ìkẹta, asọtàn, ń jáde nígbà 11, ó lẹ méjì. Inú ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn ni méjèèjì wà, níbi tí àsìkò ti ń lé e, àwọn mẹ́sàn-án tó wà lókè sì dá dúró bó ṣe yẹ. Ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ òfin, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi sílẹ̀ ní ìparí láti tún un kà. A gé ń kúrò lórí ìwé ẹ̀, ìdílé pé ló ń ṣọ́ báyìí, tiyẹn ṣì wà ní 9 nínú 10.