Bí a ṣe ń fi ìpara ata pa orúnkún, àti ìdí tó fi máa ń ta kó tó tuni lára

Ìyá kan tó ń ta ata rodo ní ọjà Máìlì 12 ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kétu. Orúnkún òsì ló ń dà á láàmú. Dókítà ti sọ fún un pé oríkèé ibẹ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kọ ìpara kan fún un sínú ìwé. Nígbà tí mo kà á, tí mo sọ fún un pé ohun tó wà nínú ata ni wọ́n fi ṣe é, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ata tí mò ń kó látàárọ̀ yìí, ọmọ mi, òun náà lo tún fẹ́ kí n fi pa ẹsẹ̀?"

Mi ò bá a jà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ìpara yìí ni kò mọ ohun tó ń ṣe lábẹ́ awọ. Wọ́n á lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, á ta wọ́n gan-an, wọ́n á sì ju túùbù sí kọ̀rọ̀ pé kò ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kápúsáísìn ni orúkọ ohun tó ń ta nínú ata. Kì í ṣe inú kóró ló ti ń wá bí a ṣe máa ń rò. Inú awọ funfun tí kóró so mọ́ ló wà, kóró kàn ń gbà á sára ni. Kápúsáísìn kì í sì í jó ara bí iná ṣe ń jó o. Irọ́ ló ń pa fún iṣan.

Lẹ́nu àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn ìrora láti awọ lọ sí ọpọlọ, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà níbẹ̀. Ọ̀kan lára wọn ni wọ́n ń pè ní TRPV1. Ọdún 1997 ni David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kalifọ́níà kéde pé àwọn rí i, kápúsáísìn yìí náà ni wọ́n sì fi wá a rí. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú kó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ooru ni ilẹ̀kùn náà ń ṣọ́. Bí ohun tó kan awọ bá gbóná tó nǹkan bíi 43°C, á ṣí, kálísíọ́ọ̀mù àti sódíọ́ọ̀mù á wọlé, iṣan á sì ké sí ọpọlọ pé "Iná o!" Kápúsáísìn wá dà bí kọ́kọ́rọ́ tó bá ilẹ̀kùn yẹn mu. Ó lè ṣí i nígbà tí ara ò tíì gbóná rárá. Ọpọlọ ò mọ̀ pé ata ni. Ó gbọ́ iná, ó sì gbà pé iná ni, ìdí nìyẹn tí ẹni tó jẹ ata rodo fi ń làágùn gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀ lábẹ́ fáànù. (Ẹyẹ ní irú ilẹ̀kùn yìí náà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ò bá tirẹ̀ mu. Ló fi ń ṣa ata jẹ bí ẹni ń jẹ àgbàdo.)

Bí kọ́kọ́rọ́ bá wá ń ṣí ilẹ̀kùn náà léraléra ńkọ́? Kálísíọ́ọ̀mù á rọ́ wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, iṣan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀. Á ti ilẹ̀kùn pa látinú, débi pé ata tó tó ti àná ò ní lè ṣí i bíi tàná mọ́. Èròjà tó máa ń tú jáde láti fi ké ìrora náà á dín kù. Bí ẹ bá ń bá a lọ lójoojúmọ́, ṣóńṣó iṣan tó wà nínú awọ á máa fà sẹ́yìn bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn níwo. Ibẹ̀ ni ara ti ń tuni. Ìyá aláta mọ èyí lẹ́nu kó tó mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀: ọbẹ̀ tí òun ń jẹ tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lókè òkun á fẹnu kàn án, á bú sẹ́kún.

Nígbà tí mo ṣàlàyé báyìí tán, ó ní ó ti yé òun, òun á kúkú lọ rodo mẹ́ta, kí òun fi dì í. Mo ní rárá o. Nínú ìpara 0.025% tí wọ́n kọ fún un, kápúsáísìn tó wà nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù jẹ́ mílígíráàmù 25 péré. Ta ló wọn ti inú rodo? Èyí tó wà lókè apẹ̀rẹ̀ lè ta ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ dáadáa. Ata tútù tí a gún sí awọ lè mú kó pọ́n, kó wú, kó sì lé ròrò, ẹni tó ń wá ìtura orúnkún á wá di ẹni tó ń tọ́jú egbò.

Bó ṣe yẹ kó lò ó nìyí.

Kí ẹ tó san owó, ẹ wo ara túùbù. Ẹ wá orúkọ kápúsáísìn, lẹ́tà C ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wo ìwọ̀n tó wà níwájú rẹ̀. 0.025% ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí oríkèé ń dùn, 0.075% sì wà fún ìrora tó ń ti ara iṣan agbéròyìn fúnra rẹ̀ wá. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bó bá jẹ́ mẹ́ńtọ́ọ̀lù nìkan lẹ bá lára rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe èyí tí à ń sọ. Ilẹ̀kùn òtútù ni mẹ́ńtọ́ọ̀lù ń ṣí ní tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba kan ibì kan tó kéré bí owó ẹyọ, kí ẹ sì dúró títí di ọjọ́ kejì. Kó ta díẹ̀, kó pọ́n díẹ̀, ìyẹn ò burú. Bó bá lé ròrò, tàbí tó wú, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má fi í kan ojú egbò, ibi tí abẹ bá ti kàn, tàbí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ họ.

Bí awọ bá mọ́, tó gbẹ, tí kò sì gbóná, ẹ fún ìpara tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sórí ìka, kí ẹ fi ra orúnkún yíká títí kò fi ní hàn lójú mọ́. Ẹ má kó o lé e ní ìpele nípọn. Èyí tó bá gbẹ sórí awọ lè bó bí ìyẹ̀fun, kó wọ imú, ikọ́ á sì dé. Ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́ ni, lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́. Omi lásán ò lè kó kápúsáísìn, nítorí òróró ló máa ń yọ́ sí. Ọṣẹ ni kí ẹ lò, kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má gbàgbé abẹ́ èékánná. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo dán ìpara kan wò lọ́rùn-ọwọ́ mi nígbà kan, mo fi omi ṣan ọwọ́ fẹ̀rẹ̀, mo sì lọ tọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin á ti mọ bí ìyókù ṣe lọ. Bó bá jẹ́ ọwọ́ gan-an lẹ fẹ́ fi ìpara yìí pa, ẹ jẹ́ kó lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí ẹ má sì fi kan ojú láàárín ìgbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ooru ló máa ń ba nǹkan jẹ́ jù ní Èkó. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá aláta padà dé pẹ̀lú ìbínú. Ó ní iná ló ń jó òun, oorun ò kun òun mọ́jú. Mo bi í bó ṣe ń lò ó. Ó ní tí òun bá ti ọjà dé lálẹ́, òun á fi omi gbígbóná wẹ̀, òun á fi aṣọ ìnura gbígbóná jó orúnkún, òun á wá fi ìpara pa á, òun á sì fi báńdéèjì dì í pinpin. Ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́.

Ohun méjì ló ń ṣe é. Àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn tí kápúsáísìn wà lẹ́nu rẹ̀ kì í dúró de 43°C mọ́ kó tó ṣí. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, oòrùn ọ̀sán, òógùn inú dánfó, gbogbo rẹ̀ ló ń pè é níná. Ìkejì, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ò tó láti rẹ iṣan sílẹ̀. Á kàn máa jí i, á máa tún un jí ni, ìjóná ò sì ní lọ. Mo ní kó fi omi tútù wẹ̀ kó tó fi ìpara pa á, kó jẹ́ kí awọ gbẹ kó sì tutù, kó má dì í, kó má fi ohun gbígbóná kàn án, nítorí bí ibẹ̀ bá kú díẹ̀ tán, aṣọ gbígbóná lè bó o láìmọ̀. Ìgbà mẹ́rin: kó tó lọ sọ́jà, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́, kó tó sùn. Bó bá ta jù, kó fi òwú tó ní òróró ìsebẹ̀ nù ún, kó wá fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ní ó kàn ń mú òun wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ láìdúró ní àárín. Mo sọ fún un pé ìpara ò tún oríkèé ṣe o. Ìròyìn ìrora ló dá dúró lọ́nà, eré ìdárayá tí dókítà ní kó máa ṣe ò gbọdọ̀ dúró. Ẹni tó bá lò ó dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìrí ìyàtọ̀, kó padà sí ọsibítù. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà sì wà lára rẹ̀, kó má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè gbọ́ pé ìlẹ̀mọ́ra kan wà tí kápúsáísìn inú rẹ̀ jẹ́ 8%. Òótọ́ ni, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2009 fún irú ìrora iṣan kan. Ìyẹn fi ìlọ́po 320 ju tìyá aláta lọ. Ọwọ́ oníṣègùn nìkan ló ti ń ṣeé lò, wọ́n á fi sí ara fún wákàtí kan, wọ́n á yọ ọ́, ìtura rẹ̀ sì lè wà fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe ohun tí à ń rà bọ̀ látinú ọjà.

Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́rin, túùbù ìyá tán lásìkò tí ọjà ń yá, kò ráyè wá ra òmíràn fún bí oṣù kan àbọ̀. Nígbà tó padà lò ó, ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní èyí tí mo tà fún òun báyìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń jó òun bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní túùbù kan náà ni, ìwọ̀n kan náà. Iṣan yín ló ti hù padà, màmá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti orí ení.