Ooru ni kí ẹ wò nínú òkìtì ìgbẹ́, ẹ má ka oṣù

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń kó ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ jọ fún oko, ooru ló ń pa kòkòrò àrùn àti ẹyin aràn inú rẹ̀. Mo ti rí òkìtì oṣù mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù bí ìgbà tí wọ́n dà á síbẹ̀.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ máa ń lómi jù, ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó. Ti adìyẹ sábà máa ń gbẹ, omi ló ń fẹ́. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un (ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o): bó bá dì mọ́ra tí omi ò sì ṣàn jáde, ó tó. Kí òkìtì náà ga, kó sì fẹ̀ ju mítà kan lọ. Èyí tó kéré kì í lè di ooru mú.

Ẹ ki irin gígùn bọ àárín rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yẹ kó gbóná débi tọ́wọ́ ò ní lè gbà á. Bẹ́ ẹ bá ní tẹmómítà, kó wà ní 55°C sókè fún ọjọ́ 15, kẹ́ ẹ sì yí i lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ọjọ́ 15 náà, kí ti ẹ̀gbẹ́ lè bọ́ sáàárín.

Bí òórùn rẹ̀ bá ń ta yín lójú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, nítrójìn ló ń fò lọ yẹn. Ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Lẹ́yìn ọjọ́ 15 náà, ẹ fi òkìtì náà sílẹ̀ fún oṣù kan, ó kéré tán, títí yóò fi máa rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ fi kó ìgbẹ́ tútù, ẹ fọ̀ ọ́ kó tó kan èyí tó ti jinná.