Nígbà tí “gan-an” bá pọ̀ jù nínú ìròyìn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Olóòtú dá ìròyìn tí mo kọ padà, ó ní ọ̀rọ̀ asán ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo yọ gbogbo “gan-an” àti “púpọ̀” kúrò, ṣùgbọ́n ńṣe ni ìròyìn náà gbẹ, kò wọni lára mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Yíyọ tí ẹ yọ wọ́n dára, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni ẹ ṣe. Ẹni tí ó kọ “gan-an” sábà máa ń ní ohun kan lọ́kàn tí ó fojú rí tàbí tí ó fetí gbọ́, tí kò sì kọ sílẹ̀. Ó wá fi “gan-an” dí àyè ohun náà. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ náà, tí a kò sì gbé ohun tí ó dí àyè rẹ̀ wá, òǹkàwé yóò mọ̀ pé nǹkan kan kù.

Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ohun tí ẹ kọ nìyí:

“Ó ṣe pàtàkì kí a mọ̀ pé omi tí ó ya wọ ọjà náà pọ̀ gan-an ní tòótọ́, ó sì ba ẹrù àwọn oníṣòwò jẹ́ púpọ̀púpọ̀.”

Ọ̀rọ̀ 26 ni ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ asán inú rẹ̀, ohun tí yóò kù kò ju 15 lọ: “Omi tí ó ya wọ ọjà náà pọ̀, ó sì ba ẹrù àwọn oníṣòwò jẹ́.” Gbólóhùn yìí mọ́, ṣùgbọ́n òun náà ni ẹ ń pè ní gbígbẹ, ẹ kò sì jẹ̀bi. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ wá bi í: omi náà pọ̀ dé ibo, ẹrù wo ni ó sì bàjẹ́? Bí ẹ bá wà níbẹ̀, tàbí tí ẹ bá bi ẹni tí ó wà níbẹ̀, ẹ lè rí irú èyí kọ:

“Omi ya wọ ọjà náà, ó mu àwọn oníṣòwò dé orúnkún. Gààrí àti ìrẹsì tí wọ́n tò sílẹ̀ rẹ sínú omi. Aṣọ tí wọ́n so kọ́ nìkan ni omi kò kàn.”

Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ 31, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan tí a lè yọ láìpàdánù nǹkan. Nítorí náà, kì í ṣe kíkúrú ni a ń wá. Bí ẹ kò bá sì rí ẹni tí ó mọ ibi tí omi náà dé, ẹ fi gbólóhùn ọlọ́rọ̀ 15 yẹn sílẹ̀ bí ó ti rí. Ẹ má ṣe dá orúnkún sílẹ̀ fún un kí ó lè dùn ún kà.

Ìbéèrè: Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo “gan-an” inú àkọsílẹ̀ ìpàdé wa, mo sì pa wọ́n rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo tún un kà, ìtumọ̀ gbólóhùn mélòó kan ti yí padà. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ méjì ni “gan-an” ń ṣe nínú èdè wa, ẹyọ kan péré ni ó sì sábà máa ń jẹ́ asán. Bí ó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń sọ bí nǹkan ṣe rí, bíi “ó ga gan-an” tàbí “ó dùn wá gan-an”, ẹ lè fura sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ lé orúkọ ènìyàn, ibì kan tàbí àkókò kan, ó ń tọ́ka sí nǹkan náà, kò jẹ́ kí a fi òmíràn pè é. “Ọba gan-an ni ó ṣí ilé ìwé náà” ń sọ pé kì í ṣe aṣojú ni wọ́n rán wá. “Níbí gan-an ni ààlà ilẹ̀ náà wà” lè di ohun tí wọn yóò kà ní kóòtù lọ́jọ́ iwájú. “Kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an?” yàtọ̀ sí “Kí ni ó ṣẹlẹ̀?”, nítorí ẹni tí ó béèrè ti gbọ́ ìtàn kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bákan náà ni “púpọ̀” rí. Nínú “ó dára púpọ̀” a lè yọ ọ́ láìsí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú “èrò púpọ̀ wá” òun ni ó sọ bí àwọn ènìyàn ṣe pọ̀ tó. Irú èyí kì í ṣe yíyọ, iye ni kí a fi rọ́pò rẹ̀ bí a bá mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ó léwu jù ni àsọtúnsọ tí ó dà bí asán lójú ẹni tí ń gé ọ̀rọ̀. Ká ní ẹ kọ pé, “Ẹgbẹ́ fún àwọn opó 20 ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá náírà.” Ohun tí èyí sọ ni pé opó kọ̀ọ̀kan gba 10,000, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 200,000. Bí ẹnìkan bá yọ “mẹ́wàá” kan nítorí pé ó rò pé àṣìtẹ̀ ni, gbogbo àwọn opó náà yóò di ẹni tí ó pín 10,000 láàárín ara wọn, akápò ẹgbẹ́ yóò sì ní láti ṣàlàyé ibi tí 190,000 wọlé sí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú Ctrl+F, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pinnu lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún mọ̀ pé ó lè fo àwọn kan. Àwọn kan ń kọ ọ́ láìfi àmì sí àárín, nítorí náà “gan” nìkan ni kí ẹ tẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gbé ìlù gángan wá fún yín pẹ̀lú. Ní ti ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì ohùn àti àmì abẹ́, bíi “púpọ̀”, bọ́tìnnì tí ẹ fi kọ ọ́ lè yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ìwé náà, kí ọ̀rọ̀ kan náà sì jẹ́ méjì lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe àdàkọ rẹ̀ láti inú ìwé náà gan-an, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí ìwákiri.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ́ wa pé kí á dín ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kù. Ṣé “fòò” inú “pupa fòò” àti “báláú” inú “funfun báláú” náà yóò lọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ibí ni ìlànà tí a kọ́ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ń ba Yorùbá ẹlòmíràn jẹ́. “Ó pupa gan-an” kò fi àwòrán kankan síni lójú, ṣùgbọ́n “pupa fòò” àti “pupa rúsúrúsú” kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Ìkòkò lè dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ìkòkò dúdú mìnìjọ̀, nítorí ara tí ó ń dán, tí ó sì wuni, ni a fi èyí yìn. Ohun tí ó rí róbótó kéré, èyí tí ó rí ròbòtò tóbi, ohùn nìkan sì ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ń ru irú ẹrù báyìí kì í ṣe asán.

Ohun tí mo máa ń fi dán wọn wò ni pé: ṣé ẹni tí ó wà níbẹ̀ lè bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan? Bí mo bá kọ pé “ilé náà jó kanlẹ̀”, aládùúgbò lè dá mi lóhùn pé ó jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jó kanlẹ̀, yàrá méjì kù. Nítorí náà “kanlẹ̀” ní iṣẹ́. “Ògiri náà wó pátápátá” lè di àríyànjiyàn pẹ̀lú, nítorí ògiri lè wó ní ìdajì. Ṣùgbọ́n “ó kú pátápátá” kò lè ní alátakò, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìdajì ni ọkùnrin náà kú. Ẹ yọ “pátápátá” níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń gé lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí ni ìgbà tí òǹkọ̀wé bá kó méjì jọ. “Funfun báláú gan-an” kò funfun ju “funfun báláú” lọ.

Ìbéèrè: Nígbà tí mo yọ “ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé”, “kò sí àní-àní pé” àti “gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀”, àwọn ìpínrọ̀ mi wá ń ṣubú lu ara wọn. Ṣé kí n dá wọn padà ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dá wọn padà, nítorí àárín ìpínrọ̀ kan àti èkejì ni àìsàn náà wà. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: “Ẹgbẹ́ ti ná mílíọ̀nù méjì náírà sórí kànga náà. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé a kò tíì rí omi fà nínú rẹ̀.” Ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ sọ ni pé èkejì tako àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan sì wà fún un: “Ẹgbẹ́ ti ná mílíọ̀nù méjì náírà sórí kànga náà, síbẹ̀ a kò tíì rí omi fà nínú rẹ̀.” Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ni ó fa èkejì, “nítorí náà” ni yóò wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wá wá ìbátan láàárín ìpínrọ̀ méjì tí ẹ kò rí i, ìpínrọ̀ kejì kò sí ní ipò rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí ó ní ẹbí.

“Kò sí àní-àní pé” ní tirẹ̀, mo máa ń dúró lé e lórí. Ibi tí ẹ̀rí kò bá sí ni ó sábà máa ń jókòó sí. “Kò sí àní-àní pé kànga náà yóò parí kí ọdún Egúngún tó dé.” Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Bí agbaṣẹ́ṣe bá sọ ọ́, ẹ kọ pé òun ni ó sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́, gbogbo gbólóhùn náà ni ó yẹ kí ó lọ, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé “wọ́n ní”, “ó jọ pé” àti “lójú tèmi” mọ́ wọn. Àwọn wọ̀nyí ń sọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ àti bí ó ti dá a lójú tó, ẹni tí ó bá sì yọ wọ́n ti sọ àhesọ di òótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni “lóòótọ́” tí “ṣùgbọ́n” ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: “Lóòótọ́ ni wọ́n san owó náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́.” Ó ń gbà fún ẹni kan kí ó tó takò ó.

Ìbéèrè: Lẹ́tà sí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè ni mo fẹ́ kọ. Ṣé kí n gé ìkíni náà kúrò?

Ìdáhùn: Ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Ìkíni, oríkì oyè àti “ẹ jọ̀wọ́” ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, bí “tótó ṣe bí òwe” ti ní iṣẹ́ lẹ́nu ọmọdé tí ó pa òwe níwájú àgbà. Ẹ̀yìn ìkíni ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Mo ti ka lẹ́tà tí ó sọ pé “láìfi àkókò yín ṣòfò”, tí ó sì tún kọ ìpínrọ̀ méjì kí ó tó sọ ohun tí ó ń tọrọ. Bí ẹ bá ti kí wọn tán, kí gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e sọ ohun tí ẹ fẹ́, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ: “A bẹ Kábíyèsí kí ẹ yọ̀ǹda gbàgede ààfin fún wa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tí ń bọ̀, láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ di aago méjì ọ̀sán.”